Sákù ọfù fífìtì: ìbéèrè táwọn tó ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù máa ń bi mí nípa kíì yíyí

Ẹni tó ti mọ d r m dáadáa, tó lè wá C mẹ́jọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù láì ronú, ṣùgbọ́n tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́ tí aṣáájú orin bá ti yíjú sí i tó ní "ẹ gbé e sókè díẹ̀", òun ni mo kọ èyí fún. Sákù yẹn wúlò fún nǹkan púpọ̀, àmọ́ kíì yíyí nìkan ni mo dojú kọ níbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní sákù ọfù fífìtì gan-an?

Kíì méjìlá tá a ní nínú orin ni, wọ́n tò wọ́n yíká bíi nọ́ńbà ojú aago, ṣùgbọ́n wọn ò tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. C ló wà lókè níbi tí 12 máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá ti wà ní C, ẹ ka d r m f s, ohùn karùn-ún yẹn, ìyẹn s, òun ló kàn lọ́wọ́ ọ̀tún. G ni s inú C, torí náà G ló kàn. D ni s inú G, D tún kàn, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe lọ títí ẹ ó fi padà bá C níbi tẹ́ ẹ fi í sí:

```
C  G  D  A  E  B  F#  Db  Ab  Eb  Bb  F  (C)
```

Jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá ní "ọ̀tún", bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni mò ń sọ, "òsì" ni òdìkejì ẹ̀. # ni ṣáàpù, b kékeré ni fúláàtì. Ẹ yà á sórí bébà kí ẹ gbé e síwájú kẹ́ ẹ tó máa kà lọ, torí ojú ló ń ṣiṣẹ́ níbí ju orí lọ.

Kí ló dé tí wọn ò kàn tò ó C, D, E, F bẹ́ẹ̀?

Torí bí kíì méjì ṣe bára wọn tan ni sákù yẹn ń fi hàn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe jókòó ti ara wọn. Ẹ kọ nóòtì C mẹ́jọ̀ sílẹ̀: C D E F G A B. Ẹ wá kọ ti G sábẹ́ ẹ̀: G A B C D E F#. Mẹ́fà nínú méje ni wọ́n jọ ní, ẹyọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀, F tó di F#. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kúwáyà tó ń fi tóńìkì sóòfà kọrin mọ ohùn yẹn dáadáa, òun là ń pè ní "fe". Tẹ́ ẹ bá wà ní C, tẹ́ ẹ wá ń rí fe, fe, fe nínú orin, tí f gan-an ò yọjú mọ́, orin yẹn ti kó lọ sí G nìyẹn, wọn ì báà má kọ ọ́ síbì kankan. S tẹ́lẹ̀ ti di d, fe sì ti di t tó ń ti d yẹn sókè.

Ẹ tún gbé ìgbésẹ̀ kan sọ́tùn-ún, láti G sí D, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀, C á di C#, àwọn yòókù á dúró síbi tí wọ́n wà. Bí ṣáàpù ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn: G ní ẹyọ kan, D méjì, A mẹ́ta, E mẹ́rin, B márùn-ún. Èyí tó bá sì wọlé kẹ́yìn, òun ni t kíì yẹn nígbà gbogbo. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ṣáàpù mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin, ẹ wá èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, G# nìyẹn, ẹ gun sẹ́mítóònù kan, ẹ ti dé A. Ó tán.

Tá a bá wá lọ sósì ńkọ́?

Kí ẹ kúrò ní C bọ́ sí F, B ló máa yí, á di Bb. Nínú sóòfà, "ta" nìyẹn, t tí wọ́n fà wálẹ̀. F tẹ́lẹ̀ á di d, ta á di f tuntun. Fúláàtì náà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bá a ṣe ń lọ sósì: F ẹyọ kan, Bb méjì, Eb mẹ́ta, Ab mẹ́rin, Db márùn-ún. Tí fúláàtì bá ti tó méjì sókè, èyí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ló ń jẹ́ orúkọ kíì náà. F nìkan lẹ máa há sórí, torí ẹyọ kan péré ló ní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ìwé orin sóòfà, ẹ ti ń rìn lórí sákù yìí tipẹ́ ká sòótọ́. Níbi tí kíì bá ti yí, ẹ máa ń rí lẹ́tà kékeré kan tó fara ti lẹ́tà ńlá, bíi s kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ d. Ohùn kan náà ni, ẹ gbọ́ ọ bíi s, ẹ pè é ní d, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ látibẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan sọ́tùn-ún lẹ gbé yẹn.

Àmọ́ C àti Db fara kanra lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ ṣe wá ní wọ́n jìnnà síra?

Ìbéèrè yìí gan-an ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ró, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi kíì yí. Ọwọ́ rí C àti Db bí aládùúgbò. Etí ò rí i bẹ́ẹ̀. Nóòtì Db mẹ́jọ̀ ni Db Eb F Gb Ab Bb C, ẹ fi wé ti C, F àti C nìkan ni wọ́n jọ ní, méjì nínú méje. Ẹ wá wo sákù, láti C lọ sí Db, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni lọ́wọ́ òsì: F, Bb, Eb, Ab, Db. Ẹ rí i pé sákù ò parọ́, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba nóòtì kan kúrò nínú ohun tí kíì méjèèjì jọ ní.

C sí D ńkọ́? Ìgbésẹ̀ méjì sọ́tùn-ún, nóòtì márùn-ún ni wọ́n jọ ní. Torí náà kẹ́ ẹ gbé orin sókè pẹ̀lú tóònù kan gbáko, ó rọrùn fún etí ju kẹ́ ẹ gbé e sókè pẹ̀lú sẹ́mítóònù kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́mítóònù ló kéré. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbà mí gbọ́ níbí. Ẹ tẹ C mẹ́jọ̀, kẹ́ ẹ tẹ Db mẹ́jọ̀ tẹ̀ lé e lójijì, ẹ wá tẹ C mẹ́jọ̀ kẹ́ ẹ tẹ D mẹ́jọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ máa gbọ́ ọ fúnra yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ kọ́ọ̀dù tó wà nínú kíì kan lórí sákù?

Ẹ wo kíì yẹn àti ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ẹ̀. Fún C, F ló wà lósì, G lọ́tùn-ún, kọ́ọ̀dù ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú C nìyẹn, orin ìyìn tó pọ̀ rẹpẹtẹ ò kọjá wọn. Ẹ wá kọ máínọ̀ tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan tan sínú sákù, lábẹ́ ẹ̀: Dm lábẹ́ F, Am lábẹ́ C, Em lábẹ́ G. Máínọ̀ yẹn kò le wá, l inú kíì náà ni, tàbí kẹ́ ẹ ka ìgbésẹ̀ mẹ́ta sọ́tùn-ún, C, G, D, A, ẹ dé Am. Kọ́ọ̀dù mẹ́fà lẹ ti ní ní ojú kan yẹn. Èyí tó ku ni ti t, B dímíníìsì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, ẹ ò ní nílò ẹ̀ fún ohun tá à ń ṣe.

Orin kan wà ní G, ẹni tó máa kọ ọ́ ní ó ga jù, Eb ló fẹ́. Báwo ni mo ṣe máa yí kọ́ọ̀dù ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Ká ní kọ́ọ̀dù orin náà lọ báyìí:

```
G | Em | C | A7 D7 | G
```

Ẹ fi ìka lé G lórí sákù, ẹ ka iye ìgbésẹ̀ tó wà dé Eb. Lọ́wọ́ òsì: C, F, Bb, Eb. Mẹ́rin. Gbogbo kọ́ọ̀dù pátá ló máa gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin sósì, kò sí èyí tó ní ẹ̀tọ́ láti rìn jù tàbí kó rìn kù. Em: Am, Dm, Gm, Cm, ó di Cm. C: F, Bb, Eb, Ab, ó di Ab. A7 á di F7, D7 á di Bb7. Ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
Eb | Cm | Ab | F7 Bb7 | Eb
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn yí lẹ́tà kó wá gbàgbé pé máínọ̀ ni, kó tẹ C mẹ́jọ̀ níbi tó yẹ kó tẹ Cm. Ẹ máa mọ̀ kíákíá, torí E tó wà nínú C mẹ́jọ̀ máa kọlu Eb tí ẹni tó ń kọrin gbé dání, Eb yẹn sì ni d orin náà, kò sẹ́ni tí ò ní gbọ́ ọ. Ọ̀nà míì tẹ́ ẹ lè fi yẹ ara yín wò ni pé kẹ́ ẹ wo bí kọ́ọ̀dù ṣe jókòó. Nínú orin ti àkọ́kọ́, C wà lósì G, D wà lọ́tùn-ún ẹ̀. Nínú ti tuntun, Ab gbọ́dọ̀ wà lósì Eb, Bb lọ́tùn-ún ẹ̀. Tí wọn ò bá jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ka ẹyọ kan ṣì.

Ohun kan wà tí sákù ò ní sọ fún yín o. Kò mọ òkè kò mọ ìsàlẹ̀. Láti G, ẹ lè bọ́ sí Eb tó wà nísàlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gun èyí tó wà lókè, sákù ò mọ ìyàtọ̀. Ohùn ẹni tó ń kọrin lẹ máa fi pinnu ìyẹn. Tó bá jẹ́ l ni ohùn tó ga jù nínú orin náà, E ni ní G, ó di C ní Eb, ẹ ní kó kọ C yẹn létí yín kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ bóyá ó balẹ̀ síbi tó fẹ́.

Ó dáa, ìyẹn tá a mọ̀ ṣáájú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àárín orin ni wọ́n ní ká gbé e ńkọ́?

Níbí, kì í ṣe kọ́ọ̀dù nìkan lẹ ń yí, ẹ gbọ́dọ̀ mú etí gbogbo èèyàn dání lọ síbi tuntun. Òfin ẹ̀ kúrú: ẹ wo kíì tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ mú ẹni tó wà lọ́tùn-ún ẹ̀, ẹ fi séfìn sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ ń lọ D? A ló wà lọ́tùn-ún, A7. Ẹ ń lọ F? C7. Ẹ ń lọ Eb? Bb7. Kọ́ọ̀dù máa ń fẹ́ bọ́ sósì lórí sákù, ibẹ̀ ni ara ti ń tù ú, tẹ́ ẹ bá ti tẹ A7, gbogbo ilé á ti máa retí D kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ká wá mú C sí D. Ẹ ti parí ẹsẹ, ẹ wà lórí C. Ẹ lè fò sórí A7 tààrà, ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè ta etí díẹ̀ torí C# jáde lójijì. Kó lè rọ̀, ẹ wá kọ́ọ̀dù tí C àti D jọ ní. Em ni, ó wà nínú C gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀dù m, ó sì wà nínú D gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀dù r. Torí náà:

```
C | Em | A7 | D
```

Nígbà tẹ́ ẹ tẹ Em, kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n rò pé C la ṣì wà. A7 ló tú àṣírí, nóòtì ẹ̀ ni A C# E G, G yẹn ṣì jẹ́ ti ilé àtijọ́, C# ni t ilé tuntun. Ẹ wò ó lórí sákù, E, A, D, òsì, òsì, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún A7 ní báà kan gbáko, ẹ má kánjú ẹ̀, báà yẹn ni aṣáájú orin fi ń mí.

Àwọn aṣáájú orin wa fẹ́ràn kí wọ́n gbé e pẹ̀lú sẹ́mítóònù kan. Ṣé Em yẹn máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Rárá. Láti C sí Db, kò sí kọ́ọ̀dù kankan tí wọ́n jọ ní. Kọ́ọ̀dù Db ni Db, Ebm, Fm, Gb, Ab, Bbm, ti C ni C, Dm, Em, F, G, Am, ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí. Èyí tó sún mọ́ra jù ni F àti Fm, àmọ́ mẹ́jọ̀ ni ọ̀kan, máínọ̀ ni ìkejì. Nítorí náà ẹ ò ní ibi ìfarapamọ́, Ab7 lẹ máa tẹ̀ tààrà, torí Ab ló wà lọ́tùn-ún Db.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tẹ́ ẹ lè gbà tẹ̀ ẹ́ kó má bàa dà bíi pé ẹ já lulẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé C mẹ́jọ̀: C, E, G. Ẹ jẹ́ kí C dúró síbi tó wà, ẹ má gbé ìka yẹn rárá. E sọ̀ kalẹ̀ sẹ́mítóònù kan, ó di Eb. G náà sọ̀ kalẹ̀ sẹ́mítóònù kan, ó di Gb. Ọwọ́ òsì lọ tẹ Ab. Ab7 nìyẹn, ìka méjì péré lẹ yẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. C tẹ́ ẹ ò gbé yẹn ni d tẹ́lẹ̀, ó ti di t báyìí, ó fẹ́ gun Db. Ẹ jẹ́ kó gùn ún, Gb bọ́ sórí F, Eb lè gun F náà tàbí kó bọ́ sí Db, ọwọ́ òsì tẹ Db. Ẹ ti wọlé. Ẹ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ kan láì sí ìlù, ẹ fetí sí ìka tí kò gbéra yẹn, òun lokùn tí etí dì mú.

Mo tẹ kọ́ọ̀dù tó yẹ, síbẹ̀ ìjọ ò bá mi lọ. Kí ló fà á?

Ẹ wo orin tẹ́ ẹ ń kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́rọ́ọ̀sì kéékèèké tá à ń kọ, ohùn márùn-ún ló wà nínú wọn, d r m s l, kò sí f kò sí t. Ẹ rántí pé f àti t làwọn tó ń tú àṣírí kíì tuntun. Orin tí ò ní wọn lẹ́nu ò lè fúnra ẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé a ti kó lọ, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló lè sọ ọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá fo kọ́ọ̀dù séfìn yẹn tàbí tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ní bíìtì kan péré tí ìlù sì bò ó, ìjọ máa bẹ̀rẹ̀ ní kíì àtijọ́, ẹjọ́ wọn kọ́.

Ó tún burú sí i pẹ̀lú sẹ́mítóònù. Ohùn márùn-ún ti C ni C D E G A, ti Db ni Db Eb F Ab Bb. Wọn ò jọ ní ẹyọ kan. Akọrin ò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ fi s kíì tuntun lé wọn lọ́wọ́, ní Db Ab nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè pátápátá lórí Ab7 kó dún ju gbogbo ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ mú un dání. Nínú s ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè wá d fúnra wọn. Kí aṣáájú orin sì kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan kí ìjọ tó bọ́ sí i.

Tó bá ti bàjẹ́ ńkọ́, tí apá kan wà ní C tí apá kan wà ní Db? Ẹ máa gbọ́ ọ bí ìró ṣe ń gbọ̀n tó ń lù ara ẹ̀. Ẹ má máa lé wọn kiri. Ẹ yọ kọ́ọ̀dù kúrò, ẹ fi Ab nìkan sílẹ̀, nísàlẹ̀ àti lókè, láàárín báà méjì wọ́n máa wá síbẹ̀.

Kí ló burú nínú bọ́tìnnì tiransipóòsì tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù? Mo lè máa tẹ C lọ títí ayé.

Kò burú fún orin tó dúró sójú kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àárín orin, torí bọ́tìnnì yẹn kì í tẹ séfìn fún yín, ó kàn ń gbé ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni. Lórí kíbọ́ọ̀dù míì, nóòtì tẹ́ ẹ mú dání lè gé tàbí kó dún lódì. Ẹni tó ń ta gìtá béèsì bi yín, "kíì wo?", ẹ ní C torí C lọwọ́ yín wà, Eb ló ń jáde, ẹ ti ba tiẹ̀ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ó kéré tán kẹ́ ẹ tẹ kọ́ọ̀dù séfìn kíì tuntun ní kíì àtijọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì: tẹ́ ẹ bá wà ní C tẹ́ ẹ ń lọ Db, ẹ tẹ Ab7, ẹ gbé ọwọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá tẹ C. Ẹ rí i pé sákù yẹn náà lẹ padà wá lò.

F# àti Gb, èwo ni kí n kọ?

Ṣáàpù mẹ́fà tàbí fúláàtì mẹ́fà, bọ́tìnnì kan náà ni lórí kíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ láti B tàbí E lẹ ti ń bọ̀, ẹ kọ F#. Tó bá jẹ́ láti Db tàbí Ab, ẹ kọ Gb. Ẹni tó máa ka ìwé náà lẹ ń rò, kíbọ́ọ̀dù ò bìkítà.

Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń padà bá C, àbí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ kó pàdé ni?

Ìbéèrè olóye nìyí. Lórí kíbọ́ọ̀dù, fífìtì kan jẹ́ sẹ́mítóònù méje, méje lọ́nà méjìlá jẹ́ 84. Ọ́kítéèfù kan jẹ́ sẹ́mítóònù méjìlá, méjìlá lọ́nà méje náà jẹ́ 84. Torí náà fífìtì méjìlá gbé yín gba ọ́kítéèfù méje kọjá, ẹ sì balẹ̀ sórí C gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n fífìtì tí etí ń gbọ́ láì sí kíbọ́ọ̀dù, èyí tí okùn méjì ń mú jáde tí ìgbọ̀nrìrì wọn bá jẹ́ mẹ́ta sí méjì, ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti kíbọ́ọ̀dù lọ. Tẹ́ ẹ bá to méjìlá irú ẹ̀ jọ, ẹ máa kọjá C pẹ̀lú bí ìdá mẹ́rin sẹ́mítóònù kan. Àwọn tó ń tún dùùrù ṣe wá ń gé díẹ̀díẹ̀ kúrò lára fífìtì kọ̀ọ̀kan, gígé yẹn kéré débi pé etí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, kí sákù lè pàdé. Nígbà tí Johann David Heinichen ará Jámánì fi sákù rẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1728, gbogbo ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn olórin.

Tí mo bá yí kíì orin Yorùbá, ṣé àmì ohùn ọ̀rọ̀ ò ní yí?

Kò ní yí, tí gbogbo ohùn bá ṣí pa pọ̀. Ohun tó ń jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orin ni bí ohùn kan ṣe ga tàbí kéré sí èyí tó ṣáájú ẹ̀, d sí m jẹ́ gígùn bákan náà ní G tàbí ní Eb. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni tí ẹnì kan bá rí i pé kíì tuntun ti ga jù fún òun, tó wá gbé apá kan orin wá sí ọ́kítéèfù ìsàlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan. Ohùn òkè á wá di ìsàlẹ̀, "ọkọ̀" lè di nǹkan míì lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ní kó gbé gbólóhùn odindi wálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dín kíì kù.

Ẹni tó ń fọn tíróńpẹ́ẹ̀tì ní kíì tí mo pè kọ́ lòun máa fọn. Ṣé ó ń fi mí ṣeré ni?

Kò fi yín ṣeré. Tíróńpẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, Bb ni, tó bá fọn ohun tó kọ sílẹ̀ bíi C, Bb ló máa jáde. Torí náà ó gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ méjì sọ́tùn-ún kíì yín lórí sákù. Ẹ wà ní F, òun wà ní G. Sásófóònù áálítò, Eb ni tiẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sọ́tùn-ún ló ń lọ: ẹ wà ní F, ó wà ní D. Sásófóònù tẹ́nọ̀ ń bá tíróńpẹ́ẹ̀tì rìn, méjì.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé orin sókè láti Eb. Tẹ́ ẹ bá gun sẹ́mítóònù kan sí E, tíróńpẹ́ẹ̀tì tó wà ní F jẹ́jẹ́ á fò lọ sí F#, ṣáàpù mẹ́fà, áálítò tó wà ní C, tí kò ní ṣáàpù kankan, á lọ bá C#, àfi kó pè é ní Db kó máa ka fúláàtì márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá gun tóònù kan sí F, tíróńpẹ́ẹ̀tì á bọ́ sí G, áálítò á bọ́ sí D, ẹnikẹ́ni ò ní ju ṣáàpù méjì lọ, C7 sì ni kọ́ọ̀dù tí ẹ máa fi ṣílẹ̀kùn. Ẹ bi aṣáájú orin bóyá ọ̀fun ẹ̀ gba F, tó bá gbà á, ẹ lọ F.